Gbólóhùn Kẹrin Tí Mo So Pọ̀

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń pè mí ní Ìyá Padà-Síbẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń pè é, wọ́n rò pé etí mi ti di. Ọmọ tó bá ń kàwé sókè tó sì fo nǹkan, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fò, mo máa ní, "Padà síbẹ̀." Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ní mo ti le jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ ohun tí èmi fò nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, níwájú ìyá mi.

Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí mi sí, kí òmìnira tó dé, nígbà tí oko gbágùúdá ṣì wà níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá wà lónìí. Wolé-wolé ni bàbá mi. Bó bá ti yọ ní ìkángun àdúgbò pẹ̀lú ṣòkòtò kakí rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ó máa ń ṣí ìkòkò omi àwọn èèyàn wò bóyá tanwíìjí wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń fi ìka kan ṣoṣo ṣí i, bí ẹni pé ìkòkò náà lè bù ú jẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohùn rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun rí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Ìyá mi nìkan ni ìyàwó rẹ̀. Òrùka ló fi gbé e níwájú pẹpẹ. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ìdílé wa, nítorí ìyàwó mẹ́ta ni bàbá tó bí bàbá mi ní.

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ dá mọ̀ kí ẹ tó dá òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Awọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ti ya, irin ń yọ jáde níbẹ̀, ó sì ń ya á ní ṣòkòtò. Ìyá mi bá mú ìyókù ẹtù ìgbéyàwó rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ó gé e, ó sì fi òwú onílọ̀ọ́po mẹ́rin rán an bo ìjókòó náà. Ẹtù aláró dúdú ni, pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín. Bàbá mi ṣàròyé. Ó ní, "Ta ló ń jókòó lé ẹtù lórí kẹ̀kẹ́? Àwọn èèyàn á máa wò mí." Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò ó." Láti Ìsọlọ̀ dé Èjìgbò, kò sí kẹ̀kẹ́ mìíràn tó wọ ẹtù.

Ilé wa kì í ṣe ilé aláriwo. Ní ọ̀sán gbogbo Sátidé, bàbá mi á wẹ̀, á wọ bùbá, á dé fìlà. Á ní, "Mò ń jáde." Ìyá mi á ní, "Ó dáa." Á ní, "Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni, ní Muṣin." Ìyá mi á ní, "Mo gbọ́." Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú, ẹnikẹ́ni kì í so ọ̀kan mọ́ èkejì. Mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan títí tí mo fi dé iléèwé mọ́dà.

Iléèwé mọ́dà ni àwa tí kò rí ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì ń lọ nígbà náà, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìwé mẹ́fà. Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, wọ́n gbé tíṣà kan wá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà dé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìgbà gbogbo ni ẹfun ṣọ́ọ̀kì máa ń wà létí rẹ̀, ó sì fẹ́ràn awẹ́ gbólóhùn ju oúnjẹ lọ. Á kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀ sójú pátákó, á ní, "Ẹ ka ọ̀rọ̀ ìṣe tó ní olùwà tirẹ̀. Iye tí ẹ bá kà, iye awẹ́ gbólóhùn tó wà níbẹ̀ nìyẹn." Lẹ́yìn náà a ó wá olórí awẹ́ gbólóhùn, èyí tó lè dá dúró kó sì nítumọ̀. Àwọn tó kù, a ó fi ìlà sí wọn nídìí, a ó sì sọ iṣẹ́ wọn: bóyá wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ni, tàbí wọ́n ń júwe ẹnì kan tàbí nǹkan kan, tàbí wọ́n ń sọ ìgbà, ibi, tàbí ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké tàn yín jẹ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ "the man who he came" nítorí pé "ọkùnrin tí ó wá" ni ìyá wọn ń sọ nílé, èmi ti mọ̀ pé who ti gba ipò olùwà, kò sáyè fún he mọ́. Nígbà tí wọ́n ń fi although bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí wọ́n sì tún ń fi but sí àárín rẹ̀, èmi á máa rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbéraga mi pọ̀ nígbà yẹn. Tíṣà á ní kí n jáde wá kọ́ wọn, màá sì jáde bí ẹni tí ó fẹ́ gba adé.

Tíṣà wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìwé iṣẹ́ tí a ń ṣe. Á fi yíǹkì àlùkò kan kọ iṣẹ́ náà sórí ìwé kan, á tẹ ìwé náà mọ́ ohun rírọ̀ kan tó dì bí ẹ̀kọ nínú páànù pẹlẹbẹ, á sì máa tẹ àwọn ìwé mìíràn mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìka rẹ̀ á gba àwọ̀ bíi ti aláró. Ìwé tó bá kọ́kọ́ jáde máa ń ṣe kedere, èyí tó bá gbẹ̀yìn ni wọ́n ń fún àwa tó jókòó lẹ́yìn, a ó sì máa fi ojú wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Ìwé tí mo ń sọ yìí ní ìpín mẹ́ta. Ìpín kìíní, kí a fi ìlà sídìí awẹ́ gbólóhùn kí a sì sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìpín kejì, kí a so gbólóhùn méjì méjì tí tíṣà kọ pọ̀, pẹ̀lú because, when, although, who, whose tàbí which. Ìpín kẹta ni ọgbọ́n tirẹ̀: àlàfo márùn-ún ni, wọ́n ní nọ́ńbà lára. Kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn kúkúrú méjì méjì sínú àlàfo márààrún, nípa ilé rẹ̀, òtítọ́ ni kó jẹ́. Kí ó wá gbé ìwé rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í, kí ẹni yẹn so wọ́n pọ̀. Ó ní, "Ẹ má fi and so ohunkóhun. Ọ̀lẹ ló ń fi and so gbólóhùn."

Ẹni tó jókòó tì mí, ọmọbìnrin kan ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní tẹ́ẹ̀mù náà. Òṣòdì ló ń gbé, lẹ́yìn ojú irin, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń ránṣọ, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láràárọ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń fún mi ní ẹ̀pà. Bẹ́ǹṣì wa kò fẹ̀, èmi ni mo sì wà nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí mo bá fẹ́ jáde, àfi kí òun kọ́kọ́ dìde.

Ó gbé ìwé rẹ̀ fún mi, mo gbé tèmi fún un. Mo so ìkíní rẹ̀, mo so ìkejì, mo so ìkẹta, mi ò tilẹ̀ ronú. Mo dé nọ́ńbà mẹ́rin. Ó kọ ọ́ pé: "A man visits my aunt every Saturday. The saddle of his bicycle is covered with etu cloth." Ọkùnrin kan ń wá kí àǹtí mi ní gbogbo Sátidé. Wọ́n fi ẹtù bo ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mo ti mú pẹ́ńsù láti kọ ọ́. Ọwọ́ mi ti kọ "A man whose bicycle saddle" kí ojú mi tó rí ohun tí ọwọ́ mi ń kọ. Mo dúró. Mo wo ọmọbìnrin náà. Ó ń fi ahọ́n kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ń gbìyànjú láti so gbólóhùn mi nípa ewúrẹ́ wa. Mo bi í pé, "Ta ni ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yìí?"

Ó ní, "Ọkọ àǹtí mi ni. Ó fẹ́ràn mi gan-an, ó máa ń ra bisikíìtì fún mi. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Mo fẹ́ jáde kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri wà lápá kan, ọmọ tó ń jẹ bisikíìtì bàbá mi wà lápá kejì. Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé mì, kò sì ṣeé tu. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: ìyá mi kò gbọdọ̀ gbọ́. Bí ó bá gbọ́, ilé wa ti tú nìyẹn, èmi ni mo sì máa jẹ́ ẹni tó tú u.

Kí ni mo ń bẹ̀rù ìwé tí ìyá mi kò lè kà sí? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àṣà iléèwé wa ni pé nígbà tí tẹ́ẹ̀mù bá ń parí lọ, a ó lẹ iṣẹ́ wa mọ́ ògiri, àwọn òbí á sì wá wò ó. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọmọ á dúró sídìí ìwé rẹ̀, á kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, á sì túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá fún wọn. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ìyá mi kì í fi ṣeré rárá. Bàbá mi kì í wá, iṣẹ́ kì í jẹ́. Ìwé tí ọmọ bá so gbólóhùn inú rẹ̀ pọ̀ ni yóò dúró tì, ọjọ́ náà sì ku ọ̀sẹ̀ kan péré.

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo fi and so wọ́n: ọkùnrin kan ń wá kí àǹtí mi, ẹtù sì bo ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, bí mo bá fi and sí i, àwọn méjèèjì ṣì jìnnà síra díẹ̀. Ọkùnrin wà lọ́tọ̀, kẹ̀kẹ́ wà lọ́tọ̀. Tíṣà dá ìwé náà padà pẹ̀lú yíǹkì pupa. Ó ní, "Ìwọ náà?" Mo fi although so ó, pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin kan ń wá kí àǹtí mi, ẹtù ni wọ́n fi bo ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìsọkúsọ pátápátá ni, mo sì mọ̀. Mo gbàdúrà pé kí ó nà mí, kí ó fa ìwé náà ya, kí ó má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kankan.

Kò nà mí. Ó pè mí síwájú pátákó. Ó kọ gbólóhùn méjèèjì síbẹ̀ gàdàgbà, ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní, "Fi hàn wọ́n bí a ṣe ń lo whose."

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irọ́ ni. O mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó máa lọ jẹun àfi tó o bá kọ ọ́."

Agogo ìsinmi ti lù. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọ̀kan ń jù mí ní èébú lábẹ́nú. Mo dúró níbẹ̀, ẹ̀yìn mi sí wọn, pátákó ní iwájú mi, tíṣà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, sí bàbá mi, sí tíṣà, sí ọmọ aláìmọ̀kan tó ń wò mí tìfẹ́tìfẹ́ láti orí bẹ́ǹṣì. Mo kọ ọ́: "A man whose bicycle saddle is covered with etu cloth visits my aunt every Saturday." Tíṣà ní kí n fi ìlà sídìí awẹ́ gbólóhùn tó ń júwe ọkùnrin náà. Mo fà á láti whose dé cloth. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì sáré lọ jẹun. Tíṣà ní gbólóhùn tó dára jù lọ nínú kíláàsì nìyẹn, kí n kọ ọ́ sórí ìwé náà, òun sì máa lẹ̀ ẹ́ sáàárín ògiri.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Nílé, mi ò lè wo ojú ìyá mi, mi ò sì lè wo ojú bàbá mi. Ní ọjọ́rú, òjò ń ṣú, bàbá mi ní kí n gorí kẹ́ríà, òun máa gbé mi dé iléèwé. Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ẹtù náà wà níwájú mi gan-an, mo lè ka òwú ìyá mi lára rẹ̀. Bàbá mi ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a dé, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo sì rántí pé ọmọ Òṣòdì lè wà lẹ́nu géètì.

Mo ní, "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ níbí, sà."

Ó ní, "Nínú òjò?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ó dúró, ó wò mí. Ó bi mí pé, "Ṣé kẹ̀kẹ́ mi ló ń tì ọ́ lójú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹtù ìyá mi ló fà á, ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà. Mo rin ìyókù ọ̀nà nínú òjò. Mo sunkún dé géètì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹkún ni.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Ìyá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá. Mo ti gbèrò ohun tí màá ṣe: màá yára kà á, màá fo nọ́ńbà mẹ́rin, màá sì fa ìyá mi lọ wo ibi tí wọ́n to apẹ̀rẹ̀ tí a hun sí. Mo ka ìpín kìíní, mo ka ìkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mo ka ìkíní, mo túmọ̀ rẹ̀; mo ka ìkejì; mo ka ìkẹta; mo fi ìka bo ìkẹrin, mo ka ìkarùn-ún. Mo ní, "Ó tán, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ wo apẹ̀rẹ̀."

Ìyá mi kò kúrò lójú kan. Ẹ rí i, ìyá mi kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà orin sára pátákó, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣí ìwé orin rẹ̀ síbẹ̀. Ẹyọ nọ́ńbà kan kò lè sá mọ́ ọn lójú. Mo ti gbàgbé. Ó na ìka sí ògiri.

Ó ní, "Ẹẹ́rin ńkọ́?"

Mo ní, "Èwo, mà?"

Ó ní, "Ìkan, eéjì, ẹẹ́ta, àrún lo kà fún mi. Kí ni ẹẹ́rin wí?"

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Àwọn òbí ti kún àárín kíláàsì, kò sí ọ̀nà. Mo ní, "Ó ní ọkùnrin kan ní kẹ̀kẹ́, mà. Kẹ̀kẹ́ náà dára."

Ọmọ Òṣòdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìwé tirẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ó ti ń dúró kí wọ́n yin gbólóhùn rẹ̀ láti àárọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó ní, "Mà, ó gé e kúrú o. Èmi ni mo kọ ìyẹn, òun ló so ó pọ̀. Òun ni tíṣà ní ó dáa jù." Ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi kedere, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu: ọkùnrin tí wọ́n fi ẹtù bo ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń wá kí àǹtí mi ní gbogbo Sátidé.

Mo dúró kí ilẹ̀ lanu. Ìyá mi kò pariwo. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O mọ̀wé. Ibo lẹ ń gbé?"

"Òṣòdì ni, mà. Lẹ́yìn réluwé."

"O káre. Bá mi kí àǹtí rẹ."

A jọ rìn lọ sílé. Ó kí gbogbo ẹni tí a pàdé, ó bi wọ́n léèrè ọmọ wọn, ó dúró ra ata. Mo gbé ìwé náà dání, nítorí tíṣà ní kí olúkúlùkù mú ìwé tó dúró tì lọ sílé.

Ní ọ̀sán Sátidé, bàbá mi wọ balùwẹ̀ lọ. Ìyá mi gbé àpótí ìjókòó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó fa kẹ̀kẹ́ súnmọ́ ara rẹ̀, ó sì fi bíléèdì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú ẹtù náà níkọ̀ọ̀kan. Ó pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀."

Ó ní, "Kí n mọ kí ni?" Kò gbójú sókè. "Nígbà tí mo ń rán aṣọ yìí, o rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe? Ọkùnrin ń fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀ lọ sí ìpàdé. Mo ní ibikíbi tí kẹ̀kẹ́ yìí bá dúró sí, kí ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ ọ́n. Aṣọ ìgbéyàwó mi, gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n. Mo wá jókòó, mo ń retí ẹni tó máa sọ fún mi."

Ó gé òwú kan.

"Ọdún méjì. Wọ́n rí i. Mo mọ̀ pé wọ́n rí i, nítorí ojú tí wọ́n fi ń kí mi ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé Òṣòdì níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Wọ́n ní àwọn ń ṣàánú mi. Mo wá dà bí òpè láàárín wọn, wọ́n ń wò mí, mò ń kí wọn."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni mo wà nínú ẹ̀wọ̀n. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó.

Ó ní, "Mi ò bá wọn wí. Wọn kì í ṣe ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ, mo rán ọ níwèé kí o lè máa ka ohun tí mi ò lè kà fún mi. O dúró níwájú mi, o fi ìka bò ó." Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Lọ mú ìwé náà wá."

Mo mú un wá. Ó ní, "Ka ẹẹ́rin." Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni bàbá mi yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bùbá, ó ti dé fìlà, òórùn ọṣẹ rẹ̀ ti kọ́kọ́ dé. Ó rí ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí irin rẹ̀ ti yọ síta. Ó rí ẹtù lórí itan ìyá mi. Ó la ẹnu láti sọ pé òun ń jáde, ó sì pa á dé.

Mo ká ìwé náà. Mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Padà síbẹ̀. Kà á bó ṣe wà níbẹ̀."

Mo bá kà á sókè, ní Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń gbọ́, mi ò sì fo ọ̀rọ̀ kankan.